Ẹ Ka Kẹ́ẹ̀gì Kí Ẹ Tó Ya Síláìdì: Bí A Ṣe Ń Tọrọ Owó Ìrànwọ́ fún Omi Abúlé

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tọrọ owó kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan lẹ́yìn Kwálì ní Àbújá, síláìdì mẹ́rìnlélógún la gbé lọ. Àwòrán pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé aṣọ la fẹ́ tà. Obìnrin tó jókòó sí ìdí tábìlì, tó jẹ́ pé òun ló máa gbé ọ̀rọ̀ wa dé iwájú àwọn tó ni owó, dá wa dúró ní síláìdì kẹta. Ó ní, “Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán tí omi ò sí ńkọ́?” A wo ara wa. Ó tún ní, “Tó bá sì wà, ta ló máa tún un ṣe lọ́dún kẹrin?” Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé Ọlọ́run á ṣe é. Wọn ò fún wa lówó, mi ò sì bínú sí wọn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó ní Kúbwà láti ṣe irú síláìdì yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ìyókù á tẹ̀lé e. Màá fi abúlé kan ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mo sì ti yí àwọn iye kan padà kí ìṣirò lè rọrùn, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ṣe é kò yàtọ̀.

Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Ẹ ka ohun tí olówó náà kọ pé òun ń sanwó fún. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ní Àbújá níbí, àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan ní ètò owó kékeré fún iṣẹ́ ìgbèríko. Ti Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní GGP wà, ti Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Direct Aid Program náà wà, oníkálukú ló sì ní fọ́ọ̀mù àti òfin tirẹ̀. GGP, bí àpẹẹrẹ, kì í san owó oṣù àti owó tí àjọ fi ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá wá fi owó oṣù olùdarí rẹ̀ sínú ìṣirò tó gbé lọ síbẹ̀ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ò ka ìwé wọn. Ẹlòmíràn kì í gba síláìdì rárá lákọ̀ọ́kọ́: fọ́ọ̀mù ló ń gbà, síláìdì á sì dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín wá sọ̀rọ̀.

Àwọn ìwé àjọ yín kò gba àlàyé gígùn. Ìwé ẹ̀rí CAC (Apá F nínú òfin CAMA ti 2020 ló kan àwa àjọ aláàánú), ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn, àti ìṣirò owó tí akáǹtáǹtì ti yẹ̀ wò: síláìdì kan ní ìparí gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ìtàn bí a ṣe dá àjọ sílẹ̀ ṣe síláìdì àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó bi yín.

Ẹ lọ sí abúlé ní ìgbà tí omi wọ́n

Oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹjọ á bá omi nínú gbogbo kòtò, àwọn èèyàn á sì máa gbe omi òjò lábẹ́ páànù. Iye tó bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní ṣàlàyé ìyà kankan.

Ohun mẹ́ta la lọ wọ̀n. Èkíní ni iye èèyàn. Máì-ángùwà, olórí àdúgbò wọn, sọ fún wa pé ẹgbẹ̀rún méjì làwọn. Kì í ṣe pé bàbá náà ń purọ́. Gbogbo ọmọ abúlé tó ń gbé ní Gwàgwàládà àti Màràràbá ló kà mọ́ ọn, torí pé ọmọ ilé ni wọ́n, wọ́n sì máa ń wálé ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wálé ọdún kì í pọn omi lójoojúmọ́. A rìn ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń túmọ̀ èdè Gbagyi fún wa, a sì bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló sùn síbí lánàá. A rí ilé 118, èèyàn 742. Iye yìí la kọ sínú síláìdì, a sì kọ bí a ṣe kà á àti ọjọ́ tí a kà á. Bí ẹ bá kọ 2,000, tí olówó sì rán ẹnì kan wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Èkejì ni àkókò. A jókòó sí etí odò láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, a fi fóònù ka àkókò obìnrin mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn lọ síbi omi, títò lórí ìlà, àti bíbọ̀ wálé. A to iye wọn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, a sì mú ti ẹni kẹfà, ẹni tó wà láàárín. Àádọ́rin ìṣẹ́jú ni. Ó sàn ju pé kí a pín in dọ́gba, torí pé ìyá àgbà kan tó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà lè fa iye náà sókè. Ìwọ̀n tí UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò nìyí: kí omi tó mọ́ tó lè wà ní ipele tó bójú mu, lílọ, títò àti bíbọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 30 ìṣẹ́jú lọ. Tí ẹ bá ti fi 70 sí ẹ̀gbẹ́ 30, ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ arò kankan mọ́. A tún béèrè ti ìgbà òjò, wọ́n ní kò ju 25 lọ, a kọ ìyẹn náà. Olówó tó mọ iṣẹ́ á béèrè. Ó sàn kó bá a níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi náà fúnra rẹ̀. A bu omi odò náà sínú ìgò tí ilé àyẹ̀wò fún wa, a gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Tó bá ju wákàtí 24 lọ, àbájáde kòkòrò inú rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ohun tí ẹ ń wá ni E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ èèyàn tàbí ti ẹran ti dé inú omi. Òfin rẹ̀ rọrùn láti rántí: kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan nínú mìlílítà 100. Ẹ ya fọ́tò ìwé àbájáde náà, ẹ fi iye náà nìkan sí síláìdì.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wá òkú kànga. Kò fẹ́ẹ̀ sí abúlé tí ẹ ò ní rí ọ̀kan. Tiwa wà lẹ́yìn ilé ìwé, pọ́ńpù ọlọ́wọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní India Mark II, ó ti dìpẹtà. A béèrè ohun tó pa á. Wọ́n ní omi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó yá kò jáde mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ̀ pé awọ kékeré tó wà nínú sìlíńdà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ló jẹ, awọ tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó dé ìdí rẹ̀ lára Mark II, ó ní láti fa gbogbo páìpù irin tó wà nínú kànga jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú irinṣẹ́ tí abúlé kò ní. Báyìí ni pọ́ńpù ṣe kú nítorí awọ. Ẹ fi òkú kànga yẹn sínú síláìdì yín, ẹ má fi pamọ́. Èmi gbà pé òun ni àwòrán tó lágbára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé ó fún yín láyè láti sọ pé ẹ mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́.

Síláìdì ìṣirò

Síláìdì yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkẹrin ni yóò wà nígbà tí a bá tò wọ́n. Ìlànà omi orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2000 sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko rí ó kéré tán lítà 30 lóòjọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa mọ̀ kan àti díẹ̀ lé nìyẹn. Èèyàn 742 kò sì ní dúró ní 742. Tí a bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún wọn lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n á tó 997. A pè é ní 1,000.

A lè tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà báyìí:

```
=742*1.03^10
=1000*30
=30000/2/5
```

Ìlà kìíní fún wa ní èèyàn. Ìlà kejì fún wa ní lítà 30,000 lóòjọ́. Ìlà kẹta ló ń ṣe iṣẹ́ gidi: ó pín omi yẹn sí kànga méjì, ó sì pín in sí wákàtí márùn-ún tí oòrùn máa ń ràn dáadáa lórí páánẹ́lì sólà. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 3,000, ìyẹn ni pé kànga kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè fún wa ní lítà 3,000 ní wákàtí kan. Tí a bá pín in sí ìṣẹ́jú, lítà 50 ni. Ẹ di lítà 50 yẹn mú, a máa lò ó láìpẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kànga méjì, tí kò jẹ́ ẹyọ kan ńlá? Ìdí kan ni pé àpáta tó wà lábẹ́ wa kì í sábà fúnni ní lítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí kejì ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, abúlé kò ní padà sí odò lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan á sọ pé oòrùn máa ń dín kù nígbà òjò, kí ni a máa ṣe sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni páànù gbogbo ilé ń fún wọn lómi fún fífọ aṣọ àti abọ́, àwọn tó ń wá sí ìdí kànga á dín kù. Ọyẹ́ ni ọ̀tá gidi, torí pé eruku rẹ̀ máa ń bo páánẹ́lì. A kọ ọ́ sínú iṣẹ́ olùtọ́jú pé kó máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì.

Síláìdì “tí omi ò bá sí ńkọ́?”

Ẹni tó bá ti kọjá lábẹ́ Àpáta Súmà lọ́nà Kàdúná kò yẹ kó tún béèrè irú ilẹ̀ tó wà ní Àbújá. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àpáta líle ló wà lábẹ́. Omi kì í gbé inú àpáta bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ibi tó ti jẹrà di yanrìn lókè àti inú sísán rẹ̀ ló máa ń wà. Nítorí náà, ẹ lè gbẹ́ kànga kan kí omi tú jáde, kí ẹ sún mítà ogójì kí ẹ má rí ju eruku lọ. Tí ẹ bá lọ sí ìhà Àbájì, ẹ lè bọ́ sórí ilẹ̀ yanrìn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ irú èyí tí tiyín jẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń pe onímọ̀ ilẹ̀ kí ríìgì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga, tó dé. Ó máa ń gún irin sínú ilẹ̀, á fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ sínú rẹ̀, á sì kà á bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná náà lọ́wọ́ bó ṣe ń jìn sí i. Ohun tó ń fi hàn ni ibi tí àpáta ti jẹrà tàbí tó ti sán. Kò fi omi hàn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé mo ti rí síláìdì tó sọ pé “àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi wà”, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí a lè sọ ni pé a ti yẹ ibi márùn-ún wò, a sì ti tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù. Ibi tó bá sún mọ́ ṣáláńgá tó 30 mítà, a yọ ọ́ kúrò bó ti wù kó dára tó.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kọ ìpinnu sílẹ̀ kí owó tó dé, ìlà mẹ́ta péré lórí síláìdì kan. Bí kànga bá fún wa ní lítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, a ó gbé ẹ̀rọ sólà àti tánkì sí i. Bó bá wà láàárín 15 sí 50, pọ́ńpù ọlọ́wọ́ la ó gbé sí i, a ó sì sọ fún olówó pé iye èèyàn tó máa jàǹfààní níbẹ̀ ti dín kù sí nǹkan bí 250. Bí kò bá tó 15, a ó dí i pa, a ó sì lọ sí ibi kejì lórí àtòkọ. Owó kànga òfo kan wà nínú ìṣirò wa. Bí a kò bá lò ó, a ó dá a padà tàbí kí a fi ra ohun tí olówó bá fọwọ́ sí.

Mo ti rí i tí ojú ẹni tó ń gbọ́ wa ń yí padà nígbà tí síláìdì yìí bá jáde. Ó máa ń fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà. Ta ló máa wọ̀n lítà 50 náà? Bí ríìgì bá ti gbẹ́ ẹ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, omi á fò sókè, gbogbo abúlé á pariwo, ọ̀gá wọn á sì pe iye kan. Iye ayọ̀ nìyẹn, ó sábà máa ń ju òótọ́ lọ. Ìdánwò gidi ni kí a gbé pọ́ńpù sínú rẹ̀, kí a fà á ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí 24, kí a máa wọ̀n bí omi inú kànga ṣe ń lọ sílẹ̀, kí a sì tún wọ̀n bó ṣe ń padà sókè lẹ́yìn tí a bá pa á. Bí omi náà bá ń lọ sílẹ̀ láìdúró títí tí ilẹ̀ fi mọ́, kànga náà ń jẹ ohun ìpamọ́ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò yìí dá dúró nínú ìṣirò owó pẹ̀lú ìlà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e kúrò láìmọ̀.

Owó

Ẹ má kọ “kíkọ́ kànga méjì” kí ẹ wá fi owó kan ṣoṣo síwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ń gba owó lórí mítà, torí náà ẹ kọ iye mítà tí ẹ retí àti iye owó mítà kan, kó lè hàn bí owó ṣe máa yí padà bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dáhùn sí ohun kan náà: jíjìn kan náà, fífẹ̀ kan náà, ìdánwò wákàtí 24 kan náà. Bí èyí tó kéré jù nínú wọn bá kéré nítorí pé kò fi ìdánwò sí i, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dínwó.

Pọ́ńpù, páánẹ́lì àti àpótí tó ń darí wọn ń ti òkè òkun wá, owó wọn sì ń tẹ̀lé dọ́là. Ẹni tó ṣe ìṣirò ní oṣù karùn-ún 2023, kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà lóṣù kẹfà, mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ìgbà náà, ní ìsàlẹ̀ síláìdì owó, mo máa ń kọ iye tí dọ́là kan jẹ́ lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìwé iye owó máa kú. Ìlà kan ni, ó sì ti gba mí lọ́wọ́ ìjà.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà náà. Bí olówó bá máa fọwọ́ sí i lóṣù keje, ẹ má kọ pé ríìgì máa wọlé lóṣù kẹjọ. Ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ á rì sínú ẹrẹ̀ kó tó dé abúlé. Ẹ lo ìgbà òjò fún àyẹ̀wò ilẹ̀, ìwé ilẹ̀ àti yíyan ìgbìmọ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ láti oṣù kejìlá lọ. Ìdánwò tí a bá ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ òótọ́, torí pé ìgbà yẹn ni omi inú ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù.

Ta ló máa tún un ṣe lọ́dún kẹrin?

Ọ̀pọ̀ síláìdì ń dáhùn èyí pẹ̀lú gbólóhùn kan: “ìgbìmọ̀ abúlé ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.” Ìgbìmọ̀ náà wà lóòótọ́, WASHCOM ni wọ́n ń pè é, RUWASSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó omi ìgbèríko, sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a sílẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tí kò lówó, ìpàdé lásán ni. Ẹ fi ìṣirò rẹ̀ hàn.

Àpẹẹrẹ tiwa rèé, iye owó inú rẹ̀ sì wà fún kíkọ́ bí a ṣe ń ṣe é ni. Olùtọ́jú tó ń ṣí táàpù tó sì ń nu páánẹ́lì á gba ₦15,000 lóṣù. Táàpù, ìfọ́ páìpù àti ohun kéékèèké, ₦6,000. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pọ́ńpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí a retí pé kó lo ọdún méje. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ₦900,000, méjì jẹ́ ₦1,800,000. Tí a bá pín in sí oṣù 84, ó lé díẹ̀ ní ₦21,400 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦42,400.

Àwọn ará abúlé ti gbà láti máa san ₦500 lóṣù fún ilé kan. Ilé 118 á mú ₦59,000 wá, ó dà bí ẹni pé ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nínú àdúgbò yín, nínú owó ọlọ́dẹ, ìdá mélòó ló ń san? Èmi máa ń lo ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé 71 ló máa san nìyẹn, ₦35,500, kò sì tó. A padà lọ bá wọn, a fi ìṣirò náà hàn wọ́n lórí ilẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Ìyá àgbà kan ní àwọn ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn máì-rúwà tó ń ti omi wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n gbà á sí ₦600, ó sì di ₦42,600. Ó kàn fi ₦200 ju owó tí a ń wá lọ. A fi iye méjèèjì sínú síláìdì, ti ₦500 tí kò tó àti ti ₦600 tó tó, ká lè fi hàn pé àwa àti abúlé ti jọ sọ ọ́. Orúkọ àwọn tó máa fọwọ́ sí owó ní báńkì tẹ̀lé e, mẹ́ta ni wọ́n, méjì jẹ́ obìnrin, torí pé àwọn ló ń pọn omi, àwọn ni kànga bàjẹ́ ń dùn.

Ìwé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Bí ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ kànga sí bá jẹ́ ti ẹnì kan, á di kànga rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á sì fi géètì sí i. Kí onílẹ̀, máì-ángùwà àti ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé ti gbogbo abúlé ni, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ṣèlérí

Ẹ má kọ pé àìsàn inú rírun máa dín kù ní ìdajì. Ẹ ò lè fi hàn. Omi tó mọ́ ní táàpù lè dọ̀tí nínú ìkòkò nílé, ìwé ilé ìwòsàn ìgbèríko kò sì pé. Ẹ ṣèlérí ohun tí ẹ lè wọ̀n: kí àkókò pípọn omi kúrò ní 70 ìṣẹ́jú wá sí ìsàlẹ̀ 30, pẹ̀lú ọ̀nà kan náà tí ẹ fi wọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́, nínú oṣù kan náà, kó má sí E. coli nínú omi táàpù. Iye lítà tó jáde lóṣù kan, èyí tí mítà omi lórí páìpù ń kà. Àti iye ọjọ́ tí kànga fi dá iṣẹ́ dúró. Ìlérí mẹ́rin péré.

Àwòrán àti títò

Mo sọ pé àwòrán àkọ́kọ́ wa pọ̀ bí aṣọ títà. Ọ̀kan nínú wọn, a ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì mú un: obìnrin kan tó ru garawa lórí. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í sábà ru ẹrù lórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e sí, gbogbo ẹni tó ti pẹ́ ní Àbújá ló sì mọ̀. Àwòrán kan yẹn ló sọ fún wọn pé a ò tíì dé abúlé náà dáadáa. Ẹ ya tiyín, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ yà, kí ẹ sì fi ọmọ tó ń sunkún sílẹ̀. Odò náà, ìlà kẹ́ẹ̀gì ní ìdájí, òkú kànga àti àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí abúlé wà hàn: mẹ́rin ti tó.

Síláìdì mọ́kànlá la wá ní. Ti àkọ́kọ́ ní gbólóhùn kan: èèyàn mélòó, níbo, omi lítà mélòó, owó mélòó, ọdún mélòó. Ìgbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àádọ́rin ìṣẹ́jú àti àbájáde omi odò, òkú kànga, ìṣirò omi, ìpinnu lórí kànga òfo, àwòrán bí tánkì àti táàpù ṣe máa wà, kàlẹ́ńdà, owó, owó àtúnṣe, ìlérí mẹ́rin, àti ìwé àjọ. Iye 742, 1,000 àti 30,000 gbọ́dọ̀ rí bákan náà níbi gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń wá iye kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà lẹ́yọ lẹ́yọ, torí pé níbì kan, 2,000 àtijọ́ ṣì lè fara pamọ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní PDF, kó má wúwo jù fún ímeèlì, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tóbi tó láti kà lórí fóònù.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa omi. Èmi máa ń lo ìyá tó ń ta ẹ̀wà nísàlẹ̀ ilé wa. Mo máa ń yí síláìdì náà lórí fóònù níwájú rẹ̀, bó bá sì bi mí pé “tí omi ò bá sí ńkọ́?” kí n tó dé síláìdì karùn-ún, mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ gbé e síwájú.